Fótò mítà méjì: yúnìtì mélòó la jẹ láàárín wọn?

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́. Mítà àtijọ́ tí irin ń yí nínú rẹ̀ ni lándìlọ́ọ̀dù fi sí yàrá mi. Mo ya fótò rẹ̀ lọ́jọ́ kìíní oṣù, mo tún yà á lẹ́yìn 30 ọjọ́. Àkọ́kọ́ ka 047186. Nínú èkejì, àwọn nọ́ńbà kan dúró sáàárín, a wá kà á sí 048699. Ẹni tó ń gba owó iná nínú ilé wa yọ wọ́n kúrò nínú ara wọn, ó ní yúnìtì 1,513 ni mo jẹ. Ṣé òótọ́ ni? Mo fi fótò méjèèjì ránṣẹ́.

Ìdáhùn: Rárá o, àbúrò mi. Mo ti wo fótò méjèèjì dáadáa: yúnìtì 141.3 ni o jẹ. Àṣìṣe méjì ló wọnú ìṣirò yẹn, wọn ò sì jọra.

Wo nọ́ńbà tó kẹ́yìn lápá ọ̀tún. Pupa ni àyíká rẹ̀, dúdú sì ni ti àwọn márùn-ún yòókù. Pupa yẹn kì í ka odidi yúnìtì, ìdá kan nínú mẹ́wàá yúnìtì ló ń kà. Fótò àkọ́kọ́ kì í ṣe 47,186 rárá, 4,718.6 ni. Ẹni tó bá ka pupa mọ́ dúdú ti sọ yúnìtì náà di ìlọ́po mẹ́wàá. Àmọ́ kì í ṣe gbogbo mítà ló ní pupa. Tí gbogbo rẹ̀ bá dúdú, tí kò sì sí àmì pọ́ìntì kankan láàárín wọn, odidi ni gbogbo rẹ̀.

Àṣìṣe kejì ló máa ń dá ìjà sílẹ̀ nínú ilé. Orí wíìlì kékeré kan ni nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan wà, láti 0 dé 9. Ìgbà tí wíìlì ọ̀tún bá ń kúrò ní 9 bọ̀ sí 0 nìkan ló ń ti ti òsì síwájú. Nítorí náà, bí o bá rí nọ́ńbà kan tó dúró sáàárín méjì, má fi ojú díwọ̀n rẹ̀. Bi ẹni tó wà lọ́wọ́ ọ̀tún rẹ̀: ṣé o ti dé 0? Bí kò bá tíì dé, èyí tó kéré ni kí o kọ.

Nínú fótò rẹ kejì, pupa wà láàárín 9 àti 0, èyí tó tẹ̀ lé e wà láàárín 9 àti 0 bákan náà, ẹ̀kẹta sì wà láàárín 5 àti 6. Kò sí ìkankan tó ti dé ibi tó ń lọ. Kíkà rẹ̀ ni 4,859.9. Ẹ mú 6, ẹ sì tún fi 9 sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, bẹ́ẹ̀ kí wíìlì náà tó di 6 tán, 9 yẹn ti gbọ́dọ̀ di 0. Yúnìtì 10 lẹ fi kún un níbẹ̀.

4,859.9 − 4,718.6 = 141.3

Pín in sí 30 ọjọ́, ó jẹ́ yúnìtì 4.7 lójúmọ́, ohun tí fíríìjì, fáànù, tẹlifíṣọ̀n àti áyọ́ọ̀nù lè jẹ. Yúnìtì 1,513 á lé díẹ̀ ní 50 lójúmọ́, bíi kí áyọ́ọ̀nù méjì gbóná tọ̀sán-tòru láìsinmi.

Lọ́jọ́ mìíràn, dojú fóònù kọ mítà gan-an. Bí o bá yà á látìsàlẹ̀ tàbí látòkè, wíìlì tó wà láàárín á dà bíi pé ó ti yí kọjá ibi tó wà. Jẹ́ kí nọ́ńbà tí wọ́n fi dá mítà náà mọ̀ hàn nínú fótò, torí mítà inú ilé tí ayálégbé pọ̀ sí máa ń jọra.

Bí ọkàn rẹ ò bá tíì balẹ̀ sí mítà fúnra rẹ̀, wo ojú rẹ̀ fún ohun tí wọ́n kọ báyìí: `600 rev/kWh`. Ìyẹn ni pé irin tó ń yí á yí ìgbà 600 fún yúnìtì kan. Pa gbogbo nǹkan, kí o tan áyọ́ọ̀nù oníwáàtì 1,000 nìkan, kí o sì máa wo àmì ara irin náà nígbà tí iná áyọ́ọ̀nù ṣì ń jó. Ìṣẹ́jú-àáyá 6 ló yẹ kó fi yí po lẹ́ẹ̀kan. Bí ó bá ń yí po ní 3 tàbí 4, mítà náà ń sáré. Lẹ́yìn náà, pa áyọ́ọ̀nù. Bí irin náà bá ṣì ń yí po lemọ́lemọ́ nígbà tí ohunkóhun ò tàn ní yàrá rẹ, pe oníná kó tọpa wáyà rẹ, ó ṣeé ṣe kí ẹlòmíràn ti so tirẹ̀ mọ́ ọn.