Kí o tó ta ìpín yẹn

“Ẹ̀yin àgbà, ẹ jọ̀ọ́, ìpín báǹkì tí mo rà ti já wálẹ̀ gan-an. Gbogbo ẹgbẹ́ wa lórí Wasáàpù ló ń tà. Ṣé kí n tà á kó tó di òfo?”

Àbúrò mi, má tíì pe alágbàtà. Kọ́kọ́ dá mi lóhùn: nígbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í já, kí ló dé tí o ò tà? Ó dá mi lójú pé o sọ fún ara rẹ pé ẹni tí kò tíì tà kò tíì pàdánù. Kò sẹ́ni tó ń ra ìpín tí kò sọ bẹ́ẹ̀ rí. Ọ̀rọ̀ yẹn gan-an ló máa ń mú ẹni dé ìsàlẹ̀, tí a ó sì wá tà níbẹ̀.

Ìyàwó àbúrò mi kan tó ń ta aṣọ ní Gbági ra ìpín Zenith 5,000 ní ìparí 2019 ní náírà 18 àti kọ́bọ̀ 60. Owó rẹ̀ jẹ́ 93,000. Nígbà tí iye rẹ̀ wá sí 17, àdánù rẹ̀ ò ju 8,000 lọ, ó ní òun ò ní tà àfi tó bá padà sí iye tí òun rà á. Ó já sí i, ó tún ní bẹ́ẹ̀. Ìgbà tí kòrónà dé ní oṣù kẹta 2020, tí ìpín náà sún mọ́ náírà 11, ó ta gbogbo rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kan, nítorí pé gbogbo ẹni tó mọ̀ ló ń tà. Bí a bá tiẹ̀ yọ owó alágbàtà sílẹ̀, nǹkan bí 38,000 ló bá a lọ. Ẹni tí kò gbà kí 8,000 lọ ló gbà kí 38,000 lọ. Kì í ṣe pé kò gbọ́n o, ó mọ ìṣirò jù mí lọ.

Àwọn onímọ̀ méjì kan, Kahneman àti Tversky, fi ìwádìí hàn láti 1979 pé àdánù máa ń dun èèyàn ju bí èrè tó jẹ́ iye kan náà ṣe ń dùn mọ́ ọn lọ. Ní 1992 wọ́n ṣírò rẹ̀ sí bí ìlọ́po méjì ó lé díẹ̀. Ìrora yẹn ló kọ́kọ́ mú kí ìyàwó àbúrò mi di ìpín náà mú, torí pé títà yóò sọ àdánù di òótọ́. Àmọ́ bó ṣe ń wo fóònù lójoojúmọ́, ìrora náà ń pọ̀ sí i. Nígbà tí ẹgbẹ́ bá wá ń sá, títà á di oògùn ìrora, kì í ṣe ìpinnu òwò mọ́. Oṣù kẹta tó tà á yẹn kan náà ni Zenith san èrè náírà 2 àti kọ́bọ̀ 50 lórí ìpín kọ̀ọ̀kan. Kò sẹ́ni tó mẹ́nu bà á nínú ẹgbẹ́ wọn. Nígbà tí ọdún náà fi parí, ìpín yẹn wà ní 24 àti kọ́bọ̀ 80.

Bí ogunlọ́gọ̀ ṣe ń bí ogunlọ́gọ̀, mo rí i ní Dùgbẹ̀ ní 2008. Òǹkà tó ń fi hàn bóyá iye ìpín gbogbo ọjà wa ń gòkè tàbí ó ń já ti kọjá 66,000 ní oṣù kẹta ọdún yẹn. Nígbà tó di oṣù kẹjọ tó ń já, àwọn aláṣẹ ọjà ní kí iye ìpín kankan má já ju ìdá 1 nínú 100 lọ lóòjọ́, wọ́n rò pé yóò dá ìpayà dúró. Kàkà bẹ́ẹ̀, ẹni tó fẹ́ rà mọ̀ pé ọ̀la yóò tún dín, ó dúró. Ẹni tó fẹ́ tà ò rí olùrà. Fọ́ọ̀mù títà ń gorí ara wọn lórí tábìlì alágbàtà, àwọn tí kò ní i lọ́kàn láti tà sì ń kọ tiwọn torí pé wọ́n rí òkìtì yẹn. Wọ́n fagi lé òfin náà ní oṣù kẹwàá, àmọ́ ìbẹ̀rù ti wọlé. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 2009, òǹkà náà ti bọ́ sí abẹ́ 20,000.

Mi ò wá sọ pé kí o dì í mú lọ́nàkọnà o. Lára báǹkì tó já nígbà yẹn, mẹ́ta ni ìjọba gbà ní oṣù kẹjọ 2011: Afribank, Bank PHB àti Spring Bank. Ẹni tó ní ìpín wọn ò rí kọ́bọ̀. Nítorí náà, iye tí o rà á kì í ṣe ẹ̀rí kankan. Ọjà ò mọ iye tí o rà á. Ohun tí mo máa ń ṣe ni pé mo máa ń rò ó bíi pé mo ti tà á, owó sì wà lọ́wọ́ mi láàárọ̀ yìí: ṣé màá rà á ní iye òní? Kí n tó dáhùn, màá ka ìṣirò oṣù mẹ́ta-mẹ́ta tí ilé iṣẹ́ náà fi síta. Ṣé ó ṣì ń jèrè? Bó bá jẹ́ báǹkì, ṣé gbèsè tí àwọn oníbàárà ò san ń pọ̀ sí i, ṣé owó ìdókòwò rẹ̀ ṣì tó iye tí Báǹkì Àpapọ̀ béèrè? Tí ìwọ̀nyí bá ti bàjẹ́, tà, kódà bí ó bá ti wà nílẹ̀ pátápátá. Tí kò bá sí ohun tó yí padà àyàfi iye rẹ̀, ẹgbẹ́ yín ló ń bà ọ́ lẹ́rù.

Ohun kan ló kù tí o ò sọ: ṣé owó ilé ìwé tàbí owó tí o yá wà nínú rẹ̀? Ọ̀pọ̀ tó tà ní 2008, báǹkì tó yá wọn lówó ra ìpín ló fipá mú wọn tà, èyí ò sì kan ìbẹ̀rù. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, ta ìwọ̀n tí gbèsè náà gbà, kí o sì fi ìyókù sílẹ̀ títí o ó fi ka ìṣirò wọn.