Àkóónú Wọ́ọ̀dù tó ń to àkọlé sí ipò tí kì í ṣe tirẹ̀

Ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ lọ tẹ pírọ́jẹ́ẹ̀tì mi jáde ní Yábàá. Nínú àkóónú, 3.1 bá Orí Kẹta dọ́gba, 3.2 ò sì sí níbẹ̀ rárá. Kí ni kí n ṣe?

Sítáì ìlà ni Wọ́ọ̀dù ń kà, kì í wo bí lẹ́tà ṣe tóbi tàbí dúdú tó. Ó jọ pé Heading 1 wà lára 3.1, tí 3.2 sì jẹ́ Normal tí ẹ kàn fi Bold sí. Ẹ ṣí View, kí ẹ mú Navigation Pane: àkọlé tí Wọ́ọ̀dù dá mọ̀ nìkan ló ń hàn níbẹ̀. Ẹ fi Orí Kẹta sílẹ̀ ní Heading 1. Ẹ kiliki inú 3.1, kí ẹ tẹ Ctrl+Alt+2 kó lè di Heading 2, ìyẹn ìpele tó wà lábẹ́ Orí Kẹta, kí ẹ ṣe bákan náà fún 3.2. Ẹ wá fi bọ́tìnì ọ̀tún kiliki àkóónú, Update Field, lẹ́yìn náà Update entire table. Èyí tó ní page numbers only kì í tún àkọlé tò.