Oyè ni 007, orúkọ ni Bond

Ìbéèrè: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹnìkan sọ fún mi pé James Bond kì í ṣe orúkọ ènìyàn gan-an. Ó ní orúkọ iṣẹ́ ni, pé bí amí kan bá fẹ̀yìn tì, wọ́n á gbé e fún ẹlòmíràn, ìdí nìyẹn tí ojú rẹ̀ fi ń yí padà. Ṣé òótọ́ ni? Báwo wá ni ipò rẹ̀, àwọn ẹ̀rọ rẹ̀ àti ẹgbẹ́ ìkọ̀kọ̀ tó ń bá jà ṣe ń wà bákan náà?"

Àbúrò mi, irọ́ ni wọ́n pa fún ọ. Inú máa ń bí mi bí mo bá gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí, torí ẹni tó bá fara balẹ̀ wo àwọn fíìmù náà kò ní sọ ọ́. Ohun tó ń tan àwọn tó ń tàn án kálẹ̀ ni pé oyè wà nínú iṣẹ́ yẹn, orúkọ sì wà níbẹ̀, wọn ò yà wọ́n sọ́tọ̀. M, oyè ni, ọ̀gá àgbà ilé-iṣẹ́ amí ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀. Bernard Lee ló kọ́kọ́ ṣe é láti 1962 títí di 1979, Robert Brown ṣe é lẹ́yìn rẹ̀, Judi Dench gbà á ní 1995. Nígbà tí M tí Dench ń ṣe kú nínú Skyfall ní 2012, Mallory, ìyẹn Ralph Fiennes, jókòó sórí àga náà, ó sì di M láti ọjọ́ yẹn. Q náà, ẹni tó ń pèsè ẹ̀rọ fún àwọn amí, oyè ni. 007 pàápàá, nọ́ńbà iṣẹ́ ni, òdo méjì tó ṣáájú rẹ̀ ló ń sọ pé wọ́n ti fún ẹni tó ni ín láṣẹ láti pànìyàn. Gbogbo ìwọ̀nyí ń ti ọwọ́ ẹnìkan bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn. Bond nìkan ni kò ṣí nípò.

Tí o bá fẹ́ rí i kedere, wo No Time to Die ti 2021. Bond ti fẹ̀yìn tì, ó ń gbé ní Jàmáíkà, obìnrin kan sì wá bá a, Nomi lorúkọ rẹ̀, Lashana Lynch ló ṣe é. Nomi ni 007 tuntun. Wọ́n ti fún un ní nọ́ńbà náà, ó ń fi í yan fanda lójú Bond, ṣùgbọ́n kò sẹ́nì kan nínú fíìmù náà tó pe obìnrin yìí ní Bond. Lẹ́yìn-ò-rẹyìn, òun fúnra rẹ̀ ló ní kí M dá nọ́ńbà náà padà fún Bond. Bó bá jẹ́ pé orúkọ àti nọ́ńbà jọ ń rìn ni, ìtàn yẹn ì bá má ṣeé sọ rárá.

Ọ̀rọ̀ kan tún wà tí mo fẹ́ràn jù, òun ni mo máa ń fi pa wọ́n lẹ́nu mọ́. Ní 1969, George Lazenby ló ṣe Bond nínú On Her Majesty's Secret Service. Bond lọ sí College of Arms ní Lọ́ńdọ̀nù, níbi tí wọ́n ti ń tọ́jú ìtàn ìdílé àti àmì ìdílé àwọn ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ọ̀rọ̀ Blofeld, olórí ẹgbẹ́ SPECTRE, ló gbé e débẹ̀, torí Blofeld ń wá kí wọ́n jẹ́rìí sí i pé ọmọ ìdílé ọlọ́lá ni òun. Sir Hilary Bray tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ wá fi àmì ìdílé Bond fúnra rẹ̀ hàn án, ó sì ka ọ̀rọ̀ èdè Látìn tó wà lábẹ́ rẹ̀: Orbis non sufficit, ayé kò tó. Ọgbọ̀n ọdún kọjá. Ní 1999, Pierce Brosnan ni Bond. Elektra, ọ̀tá rẹ̀ nínú The World Is Not Enough, so ó mọ́ àga, ó ní òun ì bá ti fi ayé fún un. Bond fèsì pé ayé kò tó. Elektra ní èrò òmùgọ̀ nìyẹn. Bond ní ọ̀rọ̀ ìdílé òun ni. Ìdílé, àbúrò mi! Ta ló gba oríkì ìdílé ẹlòmíràn mọ́ ìwé ìgbanisíṣẹ́? Nínú Skyfall, a rí ibojì bàbá rẹ̀ Andrew Bond àti ìyá rẹ̀ Monique ní Sìkọ́tíláǹdì. Bond ni wọ́n bí i.

Ìbéèrè rẹ nípa ipò rẹ̀ kò le. Kọ̀máńdà ni Bond nínú àwọn ọmọ ogun ojú omi ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Apá aṣọ rẹ̀ ni kí o máa wò: ìlà wúrà mẹ́ta, èyí tó wà lókè pátápátá sì ká róbótó láàárín. Sean Connery wọ̀ ọ́ ní 1967, Roger Moore wọ̀ ọ́ ní 1977, Brosnan wọ̀ ọ́ ní 1997. Láàárín ọgbọ̀n ọdún, wọn ò gbé e ga, wọn ò sì rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. Ní ti 1977 yẹn, nínú The Spy Who Loved Me, amí Rọ́ṣíà kan tó ń jẹ́ Anya ka ìtàn ayé Bond fún un lójúkojú: kọ̀máńdà ni, ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ ogun ojú omi ni wọ́n ti mú un, ó ti fẹ́yàwó lẹ́ẹ̀kan péré, wọ́n sì pa ìyàwó náà. Ibẹ̀ ni Bond ti dá a dúró, kò fẹ́ kó sọ síwájú.

Ìyàwó yẹn ni Tracy. Lazenby ló gbé e níyàwó ní 1969, ọjọ́ ìgbéyàwó náà gan-an sì ni wọ́n yìnbọn pa á. Ṣùgbọ́n Moore ni Anya ń bá sọ̀rọ̀. Moore náà ló gbé òdòdó lọ sí ibojì rẹ̀ ní 1981, nínú For Your Eyes Only, wọ́n sì kọ 1943 sí 1969 sára òkúta náà, pẹ̀lú pé aya ọ̀wọ́n James Bond ni. Ní 1989, Timothy Dalton ló kàn. Níbi ìgbéyàwó ọ̀rẹ́ rẹ̀ Felix Leiter, ìyàwó tuntun fi Bond ṣẹ̀fẹ̀ pé òun ni yóò gbé ìyàwó tẹ̀ lé e, ojú Bond yí padà, ó sì kúrò níbẹ̀. Felix wá ṣàlàyé fún aya rẹ̀ pé Bond ti gbéyàwó rí, ó ti pẹ́. Ọkùnrin mẹ́ta, ọ̀fọ̀ kan ṣoṣo.

Èmi kò gbà pé ó ṣèèṣì rí bẹ́ẹ̀. Wo ẹni tó kọ ọ́. Richard Maibaum wà lára àwọn tó kọ ti 1969, ti 1977, ti 1981 àti ti 1989. Mẹ́tàlá nínú àwọn fíìmù náà ló lọ́wọ́ sí láti 1962. Ojú Bond ń yí padà, gègé tó ń kọ ọ́ kò yí. Èyí ni mo dì mú jùlọ nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí: ẹni tó ń rántí Tracy ni Maibaum, òun ló ń fi ìrántí náà sí àwọn òṣèré wọ̀nyí lẹ́nu.

Èkejì rẹ̀ ni àwọn ojú tó yí Bond ká. Desmond Llewelyn ṣe Q nínú fíìmù mẹ́tàdínlógún láti 1963 títí di 1999. Ó gbé ẹ̀rọ fún Connery, Lazenby, Moore, Dalton àti Brosnan, kò sì sí ọjọ́ kan tó kí wọn káàbọ̀ bí àlejò. Ó wà níbi ìgbéyàwó Tracy pẹ̀lú M àti Moneypenny, akọ̀wé M. Ẹni kan náà ló ń bínú sí ẹni kan náà pé ó ń ba ohun èlò jẹ́.

Àwọn tó ń gbè sẹ́yìn orúkọ iṣẹ́ ní ẹ̀rí méjì, wọn ò sì mọ̀ ju ìyẹn lọ. Àkọ́kọ́ ni pé Lazenby sọ ní ìbẹ̀rẹ̀ fíìmù rẹ̀ pé irú èyí kò ṣẹlẹ̀ sí ẹnìkejì òun rí. Ẹ̀fẹ̀ ni, ó fi ń ki àwọn òǹwòran tó mọ Connery ni. Nínú fíìmù kan náà, ó ṣí àpótí tábìlì rẹ̀, ó kó ọ̀bẹ Honey Ryder ti 1962 jáde, ó kó aago ọwọ́ tí Grant, apànìyàn SPECTRE, fẹ́ fi fún un lọ́rùn ní 1963, ó kó ẹ̀rọ kékeré tó fi mí lábẹ́ omi ní 1965. Àpótí ta nìyẹn, bí kì í bá ṣe tirẹ̀? Fọ́nrán ìṣẹ́jú kan ni àwọn ènìyàn ń wò báyìí, wọ́n gé ẹ̀fẹ̀ náà, wọ́n fi àpótí sílẹ̀, wọ́n sì ń fi í ṣe olùkọ́. Ó ń dùn mí.

Ẹ̀rí kejì lágbára díẹ̀: Blofeld bá Bond pàdé lójúkojú ní 1967, kò sì dá a mọ̀ ní 1969. Ìwé ló fà á. Nínú àwọn ìwé Ian Fleming, ìtàn On Her Majesty's Secret Service jáde ní 1963, You Only Live Twice tẹ̀ lé e ní 1964. Àwọn tó ń ṣe fíìmù yí wọn padà, èyí ẹ̀yìn di ti iwájú. Roald Dahl ló kọ ti 1967, Maibaum ló kọ ti 1969, ó sì tẹ̀ lé ìwé pẹ́kípẹ́kí, nínú ìwé sì rèé, wọn ò tíì fojú kan ara wọn. Ibi tí gègé ti bọ́ lọ́wọ́ ẹni tó ń rántí ni ìtàn ti ya.

Ní ti SPECTRE, kóòtù ló da á rú. Kevin McClory bá Fleming ṣiṣẹ́ lórí ìtàn Thunderball kó tó di ìwé, wọ́n jọ dé kóòtù, ní 1963 ẹ̀tọ́ fíìmù ìtàn náà sì bọ́ sọ́wọ́ McClory. Lẹ́yìn 1971, Blofeld àti ẹgbẹ́ náà pòórá. Ní 1981, ọkùnrin apárí kan wà lórí kẹ̀kẹ́ aláìsàn, ológbò funfun lórí itan rẹ̀, Bond jù ú sínú ihò èéfín, kò sẹ́ni tó dárúkọ rẹ̀. Ní 2008, ẹgbẹ́ tuntun kan, Quantum, dípò rẹ̀. Ní 2013 ni àwọn onífíìmù rí ẹ̀tọ́ náà gbà lọ́wọ́ ìdílé McClory, ní 2015 SPECTRE padà pẹ̀lú òrùka rẹ̀ tó ní àwòrán ẹranko omi ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́jọ, wọ́n sì sọ pé ẹ̀ka rẹ̀ ni Quantum.

Ẹ̀rọ àti ohun ìjà ni wọn kò ṣọ́ tó bẹ́ẹ̀. Ìbọn Walther PPK tí wọ́n fún un ní 1962 di P99 ní 1997, ó sì padà ní 2008. Ọkọ̀ Aston Martin DB5 burú jù. Daniel Craig, Bond tó tẹ̀ lé Brosnan, jẹ ẹ́ níbi tẹ́tẹ́ ní 2006, ọkọ̀ lásán ni. Ní 2012 ó gbé DB5 jáde, nọ́ńbà BMT 216A ti 1964 wà lára rẹ̀, bọ́tìnnì àga tó ń ta ènìyàn síta náà sì wà níbẹ̀. Ọkọ̀ Connery ni wọ́n gbé fún un, bẹ́ẹ̀ ìtàn Craig bẹ̀rẹ̀ láti òdo ní 2006, a sì rí i bó ṣe gba àṣẹ òdo méjì náà. Judi Dench tó ṣì jẹ́ M níbẹ̀ ló mú kí ọ̀pọ̀ rò pé ìtàn kan náà ni.

Nítorí náà, pín wọn sí méjì: 1962 sí 2002 jẹ́ ayé ọkùnrin kan, 2006 sí 2021 jẹ́ ti òmíràn, tó ń jẹ́ orúkọ kan náà látinú ilé bàbá rẹ̀. Èyí ìkejì kú nínú No Time to Die, ohun ìjà olóró balẹ̀ lórí erékùṣù tó wà. Ẹni tó bá kàn kò lè bẹ̀rẹ̀ níbi tí Craig parí sí.