Èsì: Edé tó fara pamọ́ sínú ẹ̀fọ́ rírò

“Kí ni kí n kọ sábẹ́ iyán àti ẹ̀fọ́ rírò nínú ìwé oúnjẹ tí mò ń tà fún àwọn àlejò tó ń lọ sí Ìkògòsì?”

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ jẹ́ kí orúkọ Yorùbá ṣíwájú, kí àlàyé Gẹ̀ẹ́sì kúkurú tẹ̀ lé e: iṣu gígún, ẹ̀fọ́ tí a fi epo pupa àti ata sè. Edé lílọ̀ inú ẹ̀fọ́ náà ló léwu jù, torí kò hàn lójú, ó sì lè dá ẹni tí kì í bá lára mu dùbúlẹ̀. Ẹ má ṣèlérí pé ẹ óò yọ ọ́. Àfi tí ẹ bá se ti ẹni náà nínú ìkòkò ọ̀tọ̀ láìfi edé sí i. Ẹ bi oníirú yín pẹ̀lú bóyá ẹ̀wà sóyà ló fi ṣe é (àwọn kan ń ṣe bẹ́ẹ̀), torí sóyà náà kì í bá ẹlòmíràn lára mu. Ní ti owó, àlejò á rò pé ẹran wà nínú iye tó wà níwájú iyán, nítorí náà ẹ kọ iye ẹran sábẹ́ rẹ̀ gan-an.