Wọ́n ní wọ́n ti gbé àbúrò mi kúrò ní tẹ́ṣàn

Ìbéèrè: Lọ́yà, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọjọ́ Ajé ni ọlọ́pàá mú àbúrò mi ọkùnrin ní Ifẹ̀. Nígbà tí mo dé tẹ́ṣàn ní Ọjọ́rú, wọ́n ní wọ́n ti gbé e lọ. Ẹnìkan wá pè mí lórí fóònù pé kí n fi 40,000 náírà sí àkáǹtì òun, kí àbúrò mi lè rí nǹkan jẹ. Níbo ni kí n wá a sí, báwo sì ni owó yóò ṣe dé ọwọ́ rẹ̀?

Ìdáhùn: Ẹ má tíì san kọ́bọ̀ fún ẹni tó pè yín yẹn. Ẹ padà sí tẹ́ṣàn náà láàárọ̀ ọ̀la, kí ẹ sì béèrè ọlọ́pàá tó ń ṣèwádìí ọ̀rọ̀ àbúrò yín. Oun ni ẹ máa bi léèrè ibi tí wọ́n gbé e lọ àti orúkọ tí wọ́n kọ sílẹ̀ fún un. Bí wọ́n bá ti gbé e dé kóòtù, ẹ gba nọ́mbà ẹjọ́ náà pẹ̀lú. Òfin ọlọ́pàá ti ọdún 2020 ló ní kí ọlọ́pàá fi tó ẹbí létí pé wọ́n mú ènìyàn wọn, láìgba owó lọ́wọ́ ẹni tí wọ́n mú, nítorí náà ẹ má bẹ̀rù láti béèrè.

Bí wọ́n bá ní ó wà ní Òṣogbo, ní orílé-iṣẹ́ ọlọ́pàá ìpínlẹ̀, ọwọ́ ọlọ́pàá ló ṣì wà. Ẹ wá agbẹjọ́rò lọ́jọ́ náà gan-an. Abala 35 nínú ìwé òfin Nàìjíríà ti ọdún 1999 sọ pé ibi tí kóòtù bá wà láàárín 40 kìlómítà, láàárín ọjọ́ kan ni kí wọ́n gbé ẹni tí wọ́n mú dé iwájú adájọ́. Kóòtù wà nínú Ifẹ̀ fúnra rẹ̀.

Bí wọ́n bá ní ó ti dé kóòtù, ọ̀dọ̀ rẹ́jísítírà kóòtù náà ló kàn, kì í ṣe ọgbà ẹ̀wọ̀n. Wọ́dà kì í gba ẹnikẹ́ni wọlé láìsí wáràǹtì kóòtù. Orúkọ tó wà lórí wáràǹtì yẹn ni ọgbà ẹ̀wọ̀n mọ̀ ọ́n sí, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ ẹbí ti ń ṣìnà. Ìyá kan wá sọ́dọ̀ mi ní Iléṣà, tó ti lọ sí ẹnu ọ̀nà ọgbà ẹ̀wọ̀n lẹ́ẹ̀mejì tí wọ́n ní ọmọ rẹ̀ kò sí níbẹ̀. Ó ti sunkún títí. Àwa méjèèjì lọ sí kóòtù, a yẹ ìwé ẹjọ́ wò. Orúkọ bàbá ni wọ́n fi ṣáájú, wọ́n fi “Sh” kọ Ṣọlá, wọ́n sì fi lẹ́tà kan sílẹ̀ nínú orúkọ bàbá. A da orúkọ náà kọ sínú ìwé pélébé bó ṣe wà níbẹ̀. Nígbà tí ìyá fi han wọ́dà, wọ́n rí ọmọ rẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Ẹ̀yin náà, ẹ da orúkọ, nọ́mbà ẹjọ́ àti ọjọ́ ìgbẹ́jọ́ tó kàn kọ, kí ẹ tó lọ sí ọgbà ẹ̀wọ̀n. Ifẹ̀ àti Iléṣà, ìlú méjèèjì ló ní ọgbà ẹ̀wọ̀n, rẹ́jísítírà ni yóò sọ èyí tí wàráǹtì náà dárúkọ.

Ẹ kọ́kọ́ béèrè lẹ́nu ọ̀nà ọjọ́ tí wọ́n ń gba àlejò. Ẹ mú káàdì ìdánimọ̀ dání, ẹ fi fóònù yín sílẹ̀ nílé tàbí sọ́wọ́ ẹni tó bá yín lọ, torí èèwọ̀ ni fóònù nínú ọgbà ẹ̀wọ̀n. Ẹni tí ẹjọ́ rẹ̀ ṣì ń lọ lọ́wọ́ máa ń rí ẹbí rẹ̀ ju ẹni tí wọ́n ti dá lẹ́bi lọ. Wọ́n lè ní kí ẹ tọ́ oúnjẹ tí ẹ gbé wá wò lójú wọn. Ẹ má bínú, gbogbo ènìyàn ni wọ́n ń ṣe é fún.

Ní ti owó, ẹlẹ́wọ̀n kò gbọdọ̀ mú owó wọ yàrá. Ibi tí wọ́n ti ń kọ orúkọ ni ẹ ti máa fà á lé wọ́dà lọ́wọ́, kí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé ní orúkọ tó wà lórí wáràǹtì. Ẹ jẹ́ kí wọ́n kà á lójú yín, ẹ sì wo iye tí wọ́n kọ. Ẹ má kó 40,000 lọ lẹ́ẹ̀kan. Ẹ fi 3,000 tàbí 5,000 bẹ̀rẹ̀, kí ẹ fi ọṣẹ àti ọṣẹ ìfọyín kún un. Bí ó bá ń lo oògùn, ẹ mú ìwé dókítà wá kí ẹ sì fún ilé ìwòsàn tó wà nínú ọgbà. Ní ìgbà kejì tí ẹ bá rí i, ẹ bi í ní iye tó dé ọwọ́ rẹ̀ kí ẹ tó tún fi òmíràn sílẹ̀. Bí iye tó sọ bá yàtọ̀ sí ohun tó wà nínú ìwé, ẹ béèrè fún wọ́dà tó ń bójú tó àlàáfíà ẹlẹ́wọ̀n, kí ẹ sọ fún un níbẹ̀, kí ẹ tó padà sílé.