Mo Kọ Ọ̀rọ̀ Àṣẹ sínú Launch Options, Géèmù Kò Dáhùn

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, ọ̀gá. Láti orí Steam ni mo ti ń ṣí géèmù kan lórí láptọ́ọ̀pù mi. Windows ló wà lórí rẹ̀, ojú rẹ̀ sì jẹ́ 1366 × 768. Fídíò ilé-iṣẹ́ mẹ́ta ni géèmù náà máa ń kọ́kọ́ fi hàn, n kò sì rí wọn fò. Láìpẹ́ yìí ni mo yí ètò àwòrán rẹ̀ sí DirectX 12. Láti ìgbà náà, bí fídíò bá ti parí, ojú rẹ̀ á ṣú, géèmù á sì pa ara rẹ̀ dé kí n tó rí mẹ́nù. Ọ̀rẹ́ mi ní kí n kọ `-novid -force-d3d11 -w 1280 -h 720` sínú Launch Options. Mo kọ ọ́, ṣùgbọ́n kò sí ohun tó yí padà. Kí ni mo ṣì ṣe?

Ìdáhùn: Ibi tí ẹ kọ ọ́ sí kò burú. Èdè tí ẹ fi kọ ọ́ ni ẹni tí ẹ ń bá sọ̀rọ̀ kò gbọ́. Ìránṣẹ́ lásán ni Steam nínú ọ̀rọ̀ yìí: ohun tí ẹ bá kọ sínú àpótí Launch Options ni yóò gbé lé géèmù lọ́wọ́ bí ó ṣe wà, kò ní yẹ̀ ẹ́ wò, kò sì ní túmọ̀ rẹ̀. Ẹ́ńjìnnì tí wọ́n fi kọ géèmù náà ló máa ka ọ̀rọ̀ wọ̀nyẹn, ẹ́ńjìnnì kọ̀ọ̀kan ló sì ní tirẹ̀ tó mọ̀. Èyí tí kò bá mọ̀, yóò fò ó kọjá láìsọ nǹkan kan, ìdí rèé tí ẹ kò fi rí ìkìlọ̀ kankan. Àwọn ọ̀rọ̀ tí ọ̀rẹ́ yín fún yín kì í ṣe irọ́. Ilé méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n ti wá: `-novid`, `-w` àti `-h` jẹ́ ti ẹ́ńjìnnì Source, nígbà tí `-force-d3d11` jẹ́ ti Unity.

Nítorí náà, ẹ kọ́kọ́ mọ ẹ́ńjìnnì tó wà nídìí géèmù yín. Nínú Library lórí Steam, ẹ fi bọ́tìnì apá ọ̀tún máòsì tẹ orúkọ géèmù náà, ẹ lọ sí Manage, kí ẹ sì tẹ Browse local files. Fódà géèmù náà yóò ṣí. Bí ẹ bá rí fáìlì `UnityPlayer.dll` níbẹ̀, Unity ni. Bí ẹ bá rí fódà kan tó ń jẹ́ `Engine`, tí fódà mìíràn sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tí ó ní `Binaries\Win64` nínú, tí orúkọ fáìlì tó wà níbẹ̀ sì parí sí `-Win64-Shipping.exe`, Unreal ni. Ti Source máa ń ní fáìlì `gameinfo.txt` nínú ọ̀kan lára àwọn fódà rẹ̀.

Ẹ kò dárúkọ géèmù yín, àmọ́ ẹ jẹ́ kí n mú un pé ti Unreal ni ẹ bá níbẹ̀, torí pé nínú ọ̀rọ̀ àṣẹ mẹ́rin tí ẹ kọ, kò sí ọ̀kan tí Unreal ń gbọ́, ìyẹn sì bá ohun tó ṣẹlẹ̀ sí yín mu. Ẹ tún fi bọ́tìnì apá ọ̀tún tẹ orúkọ géèmù náà, ẹ lọ sí Properties, ẹ dúró sí abala General, ẹ ó sì rí àpótí Launch Options. Ẹ pa gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ rẹ́, kí ẹ sì kọ èyí nìkan:

```
-dx11
```

Mo ní kí ẹ kọ ẹyọ kan ṣoṣo lákọ̀ọ́kọ́ kí ẹ lè mọ èyí tó ṣiṣẹ́ àti èyí tí kò ṣiṣẹ́. Direct3D 11 àti Direct3D 12, apá DirectX tó ń rí sí àwòrán, jẹ́ alárinà láàárín géèmù àti káàdì àwòrán. Ọ̀kan nínú wọn ni géèmù gbọ́dọ̀ yàn kí ó tó lè ya ohunkóhun sójú kọ̀ǹpútà. Yíyàn tí ẹ ṣe nínú mẹ́nù wà nínú fáìlì ètò géèmù náà, òun ló sì ń gbà tẹ̀lé ní gbogbo ìgbà tó bá ṣí, tó fi ń ṣubú kí ẹ tó débi tí ẹ ti lè yí i padà. Ọ̀rọ̀ àṣẹ yìí máa ń dé etí ẹ́ńjìnnì kí ó tó yan alárinà, àṣẹ rẹ̀ sì borí ti fáìlì ètò. Bí géèmù bá ṣí, ẹ má bẹ̀rù bí ó bá ń dúró díẹ̀ tó tún ń lọ fún ìṣẹ́jú mélòó kan. Bí alárinà bá ti yí padà, ó di dandan kí géèmù tún àwọn ètò kéékèèké tó fi ń ya àwòrán ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀, ìyẹn ló ń fà á. Ṣùgbọ́n ààlà wà o: bí àwọn tó ṣe géèmù náà kò bá fi Direct3D 11 sínú rẹ̀ rárá, ọ̀rọ̀ àṣẹ kankan kò lè dá a sílẹ̀.

Bí `-dx11` bá ti ṣiṣẹ́, ẹ lè fi ìwọ̀n fèrèsé kún un:

```
-dx11 -windowed -ResX=1024 -ResY=576
```

Ẹ ó béèrè ìdí tí n kò fi lo 1280 × 720 tí ọ̀rẹ́ yín sọ, nígbà tó jẹ́ pé ojú láptọ́ọ̀pù yín ga tó 768. Fèrèsé kì í dá dúró. Igi òkè rẹ̀ tó ní orúkọ géèmù ń gba nǹkan bí 30 píkísẹ́lì, ọ̀pá ìsàlẹ̀ Windows ń gba nǹkan bí 40. Bí ẹ bá kó 720, 30 àti 40 pọ̀, ẹ ó rí 790, èyí tó ju 768 lọ, ìsàlẹ̀ géèmù yóò sì sá sábẹ́ ọ̀pá náà. 1024 × 576 wọlé dáadáa, fífẹ̀ àti gíga rẹ̀ sì bá ara wọn mu bíi ti 1280 × 720, àwòrán kò ní fẹ̀ jù tàbí gùn jù. Ẹ kíyè sí i pé nínú Unreal, àmì `=` ló so `-ResX` mọ́ iye rẹ̀, kò sí àlàfo níbẹ̀. Bí fèrèsé bá ṣí ní kékeré tó sì gba gbogbo ojú kọ̀ǹpútà lẹ́yìn ìṣẹ́jú-àáyá díẹ̀, ẹ́ńjìnnì ti gbọ́ yín, géèmù ló tún padà lọ ka ètò tirẹ̀. Inú mẹ́nù ni ẹ ó ti parí irú ìyẹn.

Nígbà tí ẹ bá dé mẹ́nù, ẹ yí DirectX padà sí 11 níbẹ̀, ẹ jáde láti inú géèmù bó ṣe yẹ kí ó lè kọ ètò tuntun sílẹ̀, lẹ́yìn náà kí ẹ nu `-dx11` kúrò nínú Launch Options. Ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í ṣe èyí. Lẹ́yìn oṣù mélòó kan, wọ́n á máa yí ètò nínú mẹ́nù, yóò máa padà sí ti tẹ́lẹ̀, wọn á sì rò pé géèmù ti bàjẹ́, láìrántí pé àwọn fúnra wọn ló fi àṣẹ kan sẹ́nu ọ̀nà.

Ní ti fídíò mẹ́ta yẹn, n kò ní tàn yín: Unreal kò ní ọ̀rọ̀ àṣẹ kan tí gbogbo géèmù rẹ̀ ń gbọ́ fún fífo fídíò, bí `-novid` ṣe wà fún Source. Àwọn géèmù kan ní tiwọn tí àwọn tó ṣe wọ́n fi sínú wọn, ọ̀pọ̀ kò sì ní. Ohun tí èmi máa ń ṣe ni pé mo máa ń wo fódà `Content\Movies` nínú fódà géèmù, mo máa ń wá fídíò ilé-iṣẹ́ náà, mo sì máa ń fi lẹ́tà kan kún iwájú orúkọ rẹ̀, kí géèmù má baà rí i. N kì í pa á rẹ́, torí pé àwọn géèmù kan máa ń kọ̀ láti ṣí bí wọn kò bá rí i, a sì ní láti lè dá orúkọ rẹ̀ padà. Bí ẹ bá lo Verify integrity of game files lórí Steam, fídíò náà yóò padà wá. Ẹ má dán èyí wò nínú géèmù tí a ń bá àwọn ẹlòmíràn ta lórí íńtánẹ́ẹ̀tì tó sì ní ẹ̀ṣọ́ tó ń mú àwọn oníyànjẹ, torí ẹ̀ṣọ́ náà lè má gba fáìlì tí a fọwọ́ kàn.

Bí ẹ bá kọ ọ̀rọ̀ àṣẹ tó tọ́, tí kò sì tún sí ìyípadà, ẹ má máa méfò. Ẹ jẹ́ kí géèmù wà ní ṣíṣí, ẹ tẹ Ctrl, Shift àti Esc pọ̀ kí Task Manager lè jáde, ẹ lọ sí abala Details, ẹ fi bọ́tìnì apá ọ̀tún tẹ orí àwọn òpó, ẹ yan Select columns, kí ẹ sì fi àmì sí Command line. Níbẹ̀ ni ẹ ó ti rí ohun tí géèmù gbà gan-an. Fún Unreal, ìlà fáìlì tó parí sí `-Win64-Shipping.exe` ni kí ẹ wò, nítorí fáìlì kékeré tó wà níta kì í ṣe géèmù, òun ló kàn ń jí i. Bí ọ̀rọ̀ yín bá wà níbẹ̀, ó dé etí géèmù, géèmù ni kò mọ̀ ọ́n. Bí kò bá sí, ọ̀nà ló ti sọnù.

Ohun kan tún wà tó ti gba odidi ìrọ̀lẹ́ kan lọ́wọ́ mi rí. Mo da ọ̀rọ̀ àṣẹ kan kọ láti inú ìwé tí wọ́n fi ètò ìkọ̀wé orí kọ̀ǹpútà ṣe, ètò náà sì ti sọ dáàṣì kúkúrú di èyí tó gùn. Lójú ènìyàn, wọn kò yàtọ̀. Lójú ẹ́ńjìnnì, èyí tó gùn kì í ṣe àmì àṣẹ rárá. Láti ìgbà náà, ọwọ́ ara mi ni mo fi ń tẹ dáàṣì.

Bí ó bá jẹ́ Unity ni ẹ bá nínú fódà yẹn, ohun tí ẹ ó kọ nìyí:

```
-force-d3d11 -screen-fullscreen 0 -screen-width 1024 -screen-height 576
```

Àlàfo ni a fi ya ọ̀rọ̀ sọ́tọ̀ kúrò lára iye rẹ̀ níbí, kì í ṣe `=`. Unity máa ń rántí ìwọ̀n tó lò kẹ́yìn, ìyẹn ni pé fèrèsé lè dúró ní kékeré lẹ́yìn tí ẹ bá ti nu ọ̀rọ̀ náà kúrò, títí ẹ ó fi yí i padà nínú mẹ́nù. Bí ó bá jẹ́ Source, ẹ kọ `-novid -windowed -w 1024 -h 576`, èyí tó sún mọ́ ohun tí ọ̀rẹ́ yín ní lọ́kàn.

Bí Unreal bá sì kọ̀ láti ṣí pẹ̀lú `-dx11`, ẹ kọ `%LOCALAPPDATA%` sínú ọ̀pá àdírẹ́sì File Explorer, ẹ wá fódà géèmù náà, tí orúkọ rẹ̀ sábà máa ń bá ti fódà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ `Engine` mu, kí ẹ wọ `Saved\Config`. Fódà kan tí orúkọ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú `Windows` wà níbẹ̀, inú rẹ̀ ni `GameUserSettings.ini` sì máa ń wà. Ẹ pa géèmù dé, ẹ yí orúkọ fáìlì náà padà, kí ẹ sì tún géèmù ṣí. Yóò kọ òmíràn fúnra rẹ̀ pẹ̀lú ètò tó bá a wá láti ọ̀dọ̀ àwọn tó ṣe é.