Aago tó pé lójú, tí kò pé nínú

“Láti ìgbà tí mo ti fọwọ́ ara mi tún aago fóònù mi tò ni gbogbo ìkànnì kò ti gba nọ́ńbà mẹ́fà tí áàpù ń fún mi láti fi wọlé mọ́. Aago náà sì pé. Kí ló fà á?”

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má tíì pa ohunkóhun rẹ́ nínú áàpù náà. Ẹ kọ́kọ́ wo agbègbè àkókò tí fóònù yín wà lórí rẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni tèmi ti bàjẹ́: mo tún wákàtí tò títí ó fi bá ti ara ògiri mu, ṣùgbọ́n agbègbè tí mo yàn fi wákàtí kan ṣáájú tiwa.

Áàpù kì í wo wákàtí tí ẹ̀ ń rí lójú fóònù. Iye ìṣẹ́jú àáyá tó ti kọjá láti òru ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 1970, ní aago UTC tí gbogbo ayé jọ ń lò, ni ó ń lò. Ó fi 30 pín in, ó sì ju àṣẹ́kù nù; èsì rẹ̀ ni mo ń pè ní ìpín. Fóònù mi wá gbà pé UTC ti fi wákàtí kan sẹ́yìn, èyí tí í ṣe 3600 ìṣẹ́jú àáyá, tàbí ìpín 120. Ọ̀pọ̀ ìkànnì máa ń gba ìpín kan tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí tó tọ́, ṣùgbọ́n 120 ti jìnnà jù.

Ẹ wo àpẹẹrẹ tí wọ́n fi ń dán ìlànà náà wò. Kọ́kọ́rọ́ àṣírí, tí áàpù àti ìkànnì jọ mọ̀, ni `12345678901234567890`, àkókò sì jẹ́ ìṣẹ́jú àáyá 59, nítorí náà ìpín wa jẹ́ 1. Nígbà tí ìṣirò HMAC-SHA-1 bá po kọ́kọ́rọ́ àti ìpín yìí pọ̀, báìtì 20 ló máa jáde, àmì méjì fún báìtì kọ̀ọ̀kan:

```
75a48a19d4cbe100644e8ac1397eea747a2d33ab
```

Àmì tó gbẹ̀yìn, `b`, dúró fún 11, nítorí náà a ó fo báìtì 11, a ó sì mú mẹ́rin tó tẹ̀ lé e, `c1397eea`. Bí a bá sọ bíìtì àkọ́kọ́ di òdo, ó di `41397eea`, èyí tí í ṣe 1094287082, nọ́ńbà mẹ́fà tó kẹ́yìn rẹ̀ sì ni 287082. Ní ìṣẹ́jú àáyá 60, ìpín di 2, nọ́ńbà náà sì di 359152. Kò sí bí ojú ṣe lè fi wọ́n mọ̀ pé aládùúgbò ni wọ́n. Ìdí nìyẹn tí nọ́ńbà tí aago bàjẹ́ fi máa ń dà bí ojúlówó.

Nítorí pé gbogbo ìkànnì ló kọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kan náà, aago ni mo fura sí. Ká ní ọ̀kan ṣoṣo ni, kọ́kọ́rọ́ tirẹ̀ ni ǹ bá wò. Ẹ jẹ́ kí fóònù máa mú àkókò àti agbègbè fúnra rẹ̀. Bí mo ti ṣe bẹ́ẹ̀ ni nọ́ńbà tó kọ́kọ́ jáde wọlé, àyàfi ti àkáǹtì kan tí mo ti fi ìkánjú pa rẹ́ nínú áàpù, tí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ sì ti bá a lọ.